Nígbà tí Orúnkún Bá Há: Ìdárayá ni tàbí Iṣẹ́ Abẹ?

Ọ̀rọ̀ tí olùtọ́jú iṣan àti oríkèé kan bá àwọn àgbà Yorùbá sọ ní gbọ̀ngàn àdúgbò

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ náà ni mo wá bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ físíò ni èmi ọmọ yín ń ṣe. Ọ̀dọ̀ wa ni dókítà máa ń rán ènìyàn sí bí oríkèé tàbí iṣan bá ń dà á láàmú. Nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, kò sí èyí tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n bí orúnkún tí ó lọ́ lójijì tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ènìyàn á máa rìn lọ, orúnkún á dá dúró láàárín ìṣísẹ̀ bí ìgbà tí òkúta wọ inú rẹ̀. Yóò gbọn ẹsẹ̀, yóò yí i díẹ̀, yóò gbọ́ “kọ́”, orúnkún á tú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á sọ pé nǹkan ti já nínú ibẹ̀, àfi kí wọ́n là á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní dárúkọ wọn, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹrù ọjà wà ní ọwọ́ wọn méjèèjì. Bí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀ ni ẹnìkan pè wọ́n láti ẹ̀yìn. Ara wọn yí, ẹsẹ̀ kò yí. Wọ́n ní ó dàbí ìgbà tí a fa aṣọ ya nínú orúnkún. Wọ́n rìn dé ilé, wọ́n tilẹ̀ se oúnjẹ alẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni orúnkún tó wú, tí kò sì fẹ́ ká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wíwú náà dínkù, ṣùgbọ́n híhá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, pàápàá bí wọ́n bá ń dìde lórí àga tàbí tí wọ́n ń yí padà ní ilé ìdáná.

Ọmọ wọn ọkùnrin tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì lọ ya àwòrán MRI ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan. Ìwé àbájáde rẹ̀ ni wọ́n mú wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó ti ya. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n rán an.”

Kí n tó sọ èsì tí mo fún wọn, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ya gan-an. Eegun itan ló wà lókè orúnkún, eegun ojúgun ló wà nísàlẹ̀. Orí eegun itan rí rìbìtì, orí eegun ojúgun sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá gbé ohun rìbìtì lé orí ohun pẹrẹsẹ, kò lè jókòó dáadáa. Nítorí náà ni Elédùmarè fi kerekere méjì há àárín wọn, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní òde. Wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùpá tí kò tíì kún. Mẹnískọ́ọ̀sì ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Kerekere yìí rọ̀, ó sì yi, ó fẹ́ jọ ti etí wa. Òun ni òṣùká tí eegun itan jókòó lé, òun ló ń pín ẹrù ara káàkiri kí eegun má baà máa gún eegun.

Etí òde kerekere yìí nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń dé. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé apá inú rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé kì í san bí ọgbẹ́ ti í san. Bí a ti ń dàgbà, apá inú yẹn a máa gbẹ, a sì máa fẹ́, bí etí aṣọ tí a ti fọ̀ fún ogún ọdún. Ní ọ̀dọ́, eré bọ́ọ̀lù tàbí ìṣubú líle ló máa ń ya á. Ní àgbà, yíyí kékeré ti tó, nítorí pé ó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rírán kò fi bá ti ìyá wa mu. Aṣọ tí ó ti gbó kì í gba abẹ́rẹ́. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ máa ń ṣe fún irú rẹ̀ ni kí ó gé apá tí ó ya kúrò. Mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí. Wọ́n rò pé àtúnṣe ni wọ́n ń lọ ṣe, láìmọ̀ pé òṣùká náà ni wọ́n ń lọ dín kù.

Ọ̀rọ̀ ìwé MRI náà ńkọ́? Ní ìlú Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn olùwádìí ya àwòrán orúnkún àwọn ará ìlú lásán, àwọn ẹni ọdún 50 sókè, láìbèèrè bóyá orúnkún ń dùn wọ́n. Ọdún 2008 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 35 ni kerekere wọn ti ya tàbí tí ó ti bàjẹ́. Nínú àwọn tí tiwọn ya yìí, 61 nínú 100 ni kò ní ìrora kankan nínú oṣù tí ó ṣáájú. Bí a bá ya àwòrán gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí lónìí, yíya á pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín á sì padà sílé pẹ̀lú ìdààmú tí ẹ kò gbé wá. Mo sọ fún ìyá wa pé òótọ́ ni ìwé yẹn sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí ó ya, kò sì sọ bóyá yíya yẹn ló ń fa ìrora.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ju ìwé lọ ni èyí: ṣé orúnkún wọn ń há ni, àbí ó tì? Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí òun ló ń pín ọ̀nà sí méjì. Ẹ rántí ilẹ̀kùn ilé wa ní àkókò òjò. Pákó á wú, ilẹ̀kùn á máa há, a ó fi èjìká tì í, yóò ṣí. Ó yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Orúnkún tí ń há a máa tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì tún na ẹsẹ̀ tán pátápátá. Orúnkún tí ó tì kò ní nà. Ó tẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀, ó tẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́, bí a bá sì gbìyànjú láti nà á, ó dàbí ẹni pé rọ́bà kan ń ta á padà. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé apá ńlá kan nínú kerekere ti ya, ó sì ti ṣẹ́ wọ àárín eegun méjèèjì, ó dúró síbẹ̀ bí ohun tí a fi há ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ lè fi ibùsùn yín dán an wò. Ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ orúnkún tí ó dára, kí ẹ sì tẹ orúnkún náà mọ́ ibùsùn. Ẹ ṣe bákan náà fún èkejì. Bí àlàfo abẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, ẹsẹ̀ ń nà tán. Bí ọ̀kan bá dúró lókè gedegbe, tí ó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn kì í ṣe híhá lásán. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì nìkan kí ẹ sì pinnu. Omi inú orúnkún tí ó wú àti iṣan ẹ̀yìn itan tí ìrora mú le lè mú kí ẹsẹ̀ má nà fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì tú bí wíwú bá ti rọlẹ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí kò sì nà, ẹ má jókòó sílé mọ́. Ẹ pe dókítà yín ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ́ báyìí: “Orúnkún mi lọ́ ní ọjọ́ báyìí. Láti ìgbà náà n kò lè na ẹsẹ̀ mi tán. Kì í tú rárá.” Gbólóhùn yìí á jẹ́ kí wọ́n tètè fi yín ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ eegun. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba àkókò. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni lábẹ́ NHS, kò sì yẹ kí ẹ máa fi ọmọ-ọmọ yín ṣe ògbufọ̀.

Bàbá kan, ẹni ọdún 59, bá ara wọn ní irú ipò yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ láti tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, wọ́n yí, wọn kò sì lè na ẹsẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, tí ìyàwó wọn ń fi ìpara agbóná ra á. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo mọ̀ pé kò sí ìdárayá tí mo lè fún wọn tí yóò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé wọ́n pẹ́. Bí irú kerekere bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ ní àárín eegun, rírọ tí eegun ń rọ́ ọ lè bà á jẹ́ kọjá ohun tí wọ́n lè rán.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kì í ṣe ti físíò rárá. Bí orúnkún bá wú láàárín wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ó lọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dà sínú rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wáfarínì. Bí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, eegun lè ti ṣẹ́. Ẹ lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì fún méjèèjì. Fún ẹni ọdún 55 sókè, ó bójú mu kí wọ́n ya ẹ́síréè lẹ́yìn ìfarapa orúnkún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń rìn. Orúnkún tí ó gbóná tí ó pọ́n, tí ibà sì bá a rìn, jẹ́ ti pàjáwìrì pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá sì wú tí ó ń dùn, ẹ pe 111 ní ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ibẹ̀. Bí àyà bá wá ń dùn tàbí tí èémí bá ń ṣòro pẹ̀lú rẹ̀, 999 ni kí ẹ pè.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ẹsẹ̀ wọn nà tán. Ó ká kọjá ìdajì dáadáa. Ibi tí ó dùn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ni ìlà oríkèé ní apá inú. Ẹ́síréè fi hàn pé eegun kò ṣẹ́. Híhá ni tiwọn, kì í ṣe títì. Mo sọ fún wọn pé ìdárayá ọ̀sẹ̀ 12 ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ fi àwáwí lé wọn lọ. Wọ́n ní, “Nítorí mo ti dàgbà ni wọn kò fi fẹ́ náwó lé mi lórí, àbí?”

Ìbéèrè yẹn tọ́ sí èsì gidi. Ní orílẹ̀-èdè Finland, àwọn oníṣẹ́ abẹ kó ènìyàn 146 jọ, ẹni ọdún 35 sí 65, tí kerekere inú orúnkún wọn ti gbó tí ó sì ya. Gbogbo wọn gbà láti kópa, wọ́n sì mọ̀ pé wọn kì yóò mọ èyí tí a ṣe fún wọn. Wọ́n gbé gbogbo wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ki ẹ̀rọ ìwòran tẹ́ẹ́rẹ́ wọ orúnkún wọn. Wọ́n gé ibi tí ó ya fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni ń gé e ni. Nígbà tí ọdún kan pé, ìrọ̀rùn dé bá ìhà méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ tí ó tó nǹkan láàárín wọn. Ọdún 2013 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde. Nígbà tí wọ́n tún padà wo àwọn tí orúnkún wọn ń há tàbí tí ń mú wọn dúró, gígé náà kò dín híhá wọn kù ju ti àwọn tí a kò gé fún lọ. Ẹ ṣe àkíyèsí pé wọn kò gba àwọn tí orúnkún wọn tì pátápátá sínú ìwádìí náà. Ti àwọn yẹn yàtọ̀, bí mo ti wí.

Ní Norway, ní ọdún 2016, wọ́n fi ìdárayá àti iṣẹ́ abẹ wé ara wọn ní tààràtà láàárín ènìyàn 140. Ìdárayá ọ̀sẹ̀ 12 ni, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìrora àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta, itan àwọn tí ó ṣe ìdárayá ti lágbára ju ti àwọn yòókù lọ. Èmi kì í fi èyí tí kò dùn mọ́ mi pamọ́: nínú àwọn tí ìdárayá kàn, bí ẹnìkan nínú márùn-ún ló padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún méjì tó pé. Nítorí náà ìdárayá kò tán gbogbo ìṣòro gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn náà bí ó bá di dandan. Ẹni tí wọ́n ti gé kerekere rẹ̀ kò lè gbà á padà, àìsí rẹ̀ sì lè mú kí oríkèé tètè gbó.

Ìyá wa tún béèrè pé báwo ni ìdárayá ṣe lè wo ohun tí kò lè san sàn. Kì í wo yíya náà sàn. Bí orúnkún bá ti wú, bí omi inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré, ara fúnra rẹ̀ á dín agbára iṣan iwájú itan kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ iṣan náà á rù. Bí itan kò bá sì ní agbára mọ́, gbogbo ìṣísẹ̀ á máa já lu oríkèé, á tún wú, ẹsẹ̀ á máa yẹ̀ lójijì bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ọ̀pọ̀ nínú híhá tí a ń gbọ́ wá láti ara wíwú àti àìlágbára yìí, kì í ṣe pé kerekere ń há sáàárín eegun nígbà gbogbo. Bí itan bá padà gba iṣẹ́ rẹ̀, ẹrù á kúrò lórí ibi tí ó ya.

Báyìí ni a ṣe ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti ìtura. Wọ́n fi aṣọ ìnura wé ẹ̀fọ́ dídì láti inú fìrísà, wọ́n gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15, bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọ́n di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú ní ọwọ́ òsì, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dì í mú ní ọwọ́ tí kò tọ́. Ọwọ́ òdìkejì ni. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó dára ni kí ó kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tí ń dùn ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ìrọ̀rí tí wọ́n ń fi sábẹ́ orúnkún sùn. Ó ń tù wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkèé tí ó tẹ̀ ní gbogbo òru kì í fẹ́ nà láàárọ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, lọ́ ọ, tàbí tẹ̀ ẹ́ kí ó ró.

Ní àkókò yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ títẹ itan. Wọ́n jókòó lórí ibùsùn, wọ́n ká aṣọ ìnura sábẹ́ orúnkún, wọ́n sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iṣan itan yóò fi le. Wọ́n dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n sì tú u sílẹ̀, nígbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á fa gìgísẹ̀ lọ́ra wá sí ìdí, wọ́n á sì nà án padà.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, àga ni olùkọ́. Wọ́n á ká ọwọ́ sí àyà, wọ́n á dìde, wọ́n á sì jókòó padà lọ́ra láìjá lulẹ̀. Ìgbà 10, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é, títí di ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò lè ṣe é, a fi tìmùtìmù méjì gbé àga ga. Nígbà tí ó rọrùn, a yọ ọ̀kan, a yọ èkejì, a sì fi àpò ìrẹsì kílò 2 fún wọn gbá mọ́ àyà. Kì í ṣe àwàdà. Bí ìgbà kẹwàá kò bá nira, iṣan kò ní dàgbà. Lẹ́yìn náà ni gígun àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ilé kan ṣoṣo, ọwọ́ lórí irin ìdìmú, àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà ilé ìdáná.

Ṣé kò ní dùn ni? Yóò dùn díẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi odo dúró fún àìsí ìrora, kí 10 jẹ́ ìrora tí wọn kò lè fara dà. Títí dé 4, kí wọ́n máa bá a lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni onídàájọ́. Bí ìrora bá ti padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n iṣẹ́ náà tọ́. Bí orúnkún bá wú ju ti àná lọ, kí wọ́n dín in sí ìdajì, kí wọ́n má sì pa á tì.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọ̀rọ̀ fẹ́ dàrú. Ìnáwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wáyé, ìyá wa sì jó. Wọ́n ní àwọn kò jó púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ijó wọn rí. Ní ọjọ́ kejì orúnkún wú, híhá padà dé, wọ́n sì pè mí pé ìdárayá ti kùnà, kí n wá ibùsùn fún wọn ní ilé ìwòsàn. A tún fi ibùsùn dán an wò. Ẹsẹ̀ nà tán. A padà sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì fún ọjọ́ márùn-ún, a sì tún gòkè.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, híhá ti di bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì ń tú kí wọ́n tó dúró. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn láìdi ọ̀pá mú. Wọ́n ń gbé ẹrù ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra kẹ̀kẹ́ ọjà oníjàntò tí wọ́n ń fà, èyí tí mo gbà pé ó dára ju gbogbo ìmọ̀ràn mi lọ. Kíkúnlẹ̀ pẹ́ kò tíì rọrùn, mo sì sọ fún wọn pé ó lè má rọrùn mọ́ bíi ti àtijọ́. Bí híhá bá ṣì pọ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdárayá tí wọ́n ṣe dáadáa, mo ìbá ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ fún ìjíròrò, n kò ní dá wọn dúró.

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní England, ẹ lè béèrè físíò fúnra yín láìkọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gba àlejò ní ilé dókítà yín. Ní ti oògùn ìrora, parasítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò bí a ti kọ ọ́ sára páálí. Ẹ má lo aibúprofẹ́ẹ̀nì láìbéèrè lọ́wọ́ apòògùn bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí kíndìnrín tàbí inú bá ń yọ yín lẹ́nu.

Wọ́n ti fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn. Bàbá kan ń béèrè nípa ìrun kíkí, ìyá kan sì ń béèrè nípa àdúrà orí ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ jókòó lórí àga kí ẹ fi orí tẹ̀ba, kí ẹ má ká orúnkún délẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ fi tìmùtìmù tí ó nípọn sílẹ̀, kí àga tí kò lè yẹ̀ sì wà níwájú yín. Ẹsẹ̀ tí ó dára ni kí ẹ gbé síwájú, ẹ di àga mú, kí orúnkún tí ń dùn sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ tí ó dára kan náà ni kí ó kọ́kọ́ dúró, kí ẹ fi ọwọ́ ti àga. Ẹ má ṣe yí ara yín nígbà tí orúnkún ṣì wà nílẹ̀. Bí ẹnìkan bá kí yín láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ó dúró dè yín títí ẹ ó fi dìde.